Ọkàn Kì Í Ṣe Rọ́bà: Ohun Tí Dírípù Ń Ṣe fún Ọkàn Tó Ti Rẹ̀

Àpèjúwe kan wà tí mo fẹ́ bá jà lónìí. Bí wọ́n bá ń ṣàlàyé bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde, rọ́bà ni wọ́n sábà máa ń mú wá. Wọ́n á ní tí ẹ bá fa rọ́bà díẹ̀, á ta padà díẹ̀. Tí ẹ bá fà á dáadáa, á ta dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fà á kọjá ààlà, á dẹ̀, kò ní í ta mọ́. Wọ́n á wá fi kún un pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkàn rí: ọkàn tó lera dà bíi rọ́bà tuntun, ọkàn tó ti rẹ̀ dà bíi rọ́bà tó ti dẹ̀.

Ìdajì àkọ́kọ́ àpèjúwe yìí sún mọ́ òótọ́. Ìdajì kejì ni mo ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀, kì í sì í ṣe torí ìdánwò. Ẹni tó bá gbà pé rọ́bà ni ọkàn kò ní lóye ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń wú nínú àárẹ̀ ọkàn, kò ní mọ ìdí tí oògùn tó kàn ń mú èèyàn tọ̀ fi ń jẹ́ kí aláìsàn lè mí dáadáa, kò sì ní rí ohun tó burú nínú kí wọ́n fi dírípù kan sí ìyá àgbà lára ní kẹ́mísì torí pé "ara rẹ̀ kò le." Ohun tó gbẹ̀yìn yìí ló ń dùn mí jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òótọ́ wà. Ní ọdún 1895, ní ìlú Mùníìkì ní Jámánì, Otto Frank mú ọkàn ọ̀pọ̀lọ́, ó dí ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kí ọkàn náà má lè tú nǹkan kan síta, ó sì wọn agbára tó fi ń súnkì. Bó ṣe ń kún ọkàn náà sí i kó tó súnkì, bẹ́ẹ̀ ni agbára ìsúnkì yẹn ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1914, ní Lọ́ńdọ̀nù, Ernest Starling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn ajá, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ti wọn máa tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Wọ́n yọ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kúrò lábẹ́ àkóso ọpọlọ, wọ́n so ìkòkò ẹ̀jẹ̀ kan mọ́ ọn, wọ́n sì ń pinnu bí ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé ṣe máa pọ̀ tó. Tí wọ́n bá jẹ́ kí èyí tó ń wọlé pọ̀ sí i, ọkàn á fẹ̀ díẹ̀ láàárín ìlù mélòó kan, lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo rẹ̀ jáde. Kò sí iṣan ọpọlọ kankan tó pàṣẹ fún un. Ẹran ọkàn fúnra rẹ̀ ló mọ̀ pé ẹrù ti pọ̀. Starling pè é ní òfin ọkàn, orúkọ àwọn méjèèjì la sì fi ń pè é dòní.

Nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ọkàn máa ń kún tó nǹkan bíi 120 mílílítà kó tó súnkì. Tó bá súnkì, á tú bíi 70 jáde, á ku 50 sínú. Tí ẹ bá dùbúlẹ̀ tí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ yín sókè sára ògiri, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ẹsẹ̀ á ṣàn padà sí àyà, yàrá yẹn á kún ju 120 lọ, ìlù tó tẹ̀ lé e á sì tú ju 70 lọ. Ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ó ti ṣẹlẹ̀ láìmọye ìgbà láti àárọ̀ tí ẹ ti jí, nígbà tí ẹ dìde, nígbà tí ẹ tẹ̀ láti wẹ̀, kódà nígbà tí ẹ mí kanlẹ̀.

Kí ni a nílò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún gan-an? Ìdáhùn tí mo fẹ́ràn jù ni ti apá ọ̀tún àti apá òsì. Apá ọ̀tún ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, apá òsì ló ń gbà á láti ibẹ̀ tó ń pín in kárí ara. Ẹ jẹ́ ká sọ pé apá ọ̀tún fi mílílítà kan péré ju apá òsì lọ nínú ìlù kọ̀ọ̀kan. Ìlù 70 ní ìṣẹ́jú kan túmọ̀ sí pé 70 mílílítà ti há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti di 2,100 mílílítà, ìyẹn lítà méjì ó lé, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju bíi lítà márùn-ún lọ. Ẹni náà á rì sínú omi ara rẹ̀ lórí àga. Ohun tí kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń kó jọ lẹ́yìn apá òsì, ó ń na apá òsì, apá òsì tó nà á sì tú púpọ̀ sí i jáde títí àwọn méjèèjì á fi bára dọ́gba. Ẹ fi mílílítà kan yìí sọ́kàn o, a máa padà bá a.

Báwo ni nínà ṣe ń fún ẹran ọkàn lágbára? Ibí ni rọ́bà ti kọ́kọ́ ṣìnà. Agbára tí rọ́bà fi ń ta padà ni èyí tí ọwọ́ yín fi fà á. Kò ní tirẹ̀. Ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀. Inú oúnjẹ tí ẹran ọkàn ń jó ni agbára ìsúnkì rẹ̀ ti ń wá, kálísíọ́ọ̀mù ló sì ń ṣí i sílẹ̀. Nínú fọ́nrán ẹran ọkàn, àwọn ẹyọ kéékèèké kan wà tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, sákómíà ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n kéré débi pé tí a bá to 500 nínú wọn, gígùn wọn kò ju bíi mílímítà kan lọ. Nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, okùn nípọn wà ní àárín, àwọn okùn tín-ín-rín wà láti apá méjèèjì, wọ́n sì wọnú ara wọn bí ìgbà tí èèyàn bá ki ìka ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín ìka ọwọ́ òsì. Okùn nípọn ní ọwọ́ kéékèèké lára. Tí kálísíọ́ọ̀mù bá dé, á ṣí ibi ìdìmú lára okùn tín-ín-rín, àwọn ọwọ́ yẹn á di í mú, wọ́n á fà á wọlé, ẹyọ náà á kúrú. Ìyẹn ni ìsúnkì.

Ní báyìí, tí ẹ bá na ẹyọ yìí díẹ̀ kó tó súnkì, ọ̀nà tí àwọn okùn gbà wọnú ara wọn á dára sí i, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó láti ṣàlàyé bí agbára ṣe ń pọ̀ tó. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé nínà ń jẹ́ kí ẹran ọkàn tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ kálísíọ́ọ̀mù. Iye kálísíọ́ọ̀mù kan náà tó jí ọwọ́ díẹ̀ nígbà tí ẹran náà kúrú á jí ọwọ́ púpọ̀ nígbà tó nà. Ó dà bí ìgbà tí ilé-ìwé kan lu agogo kan náà, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ tó wà nítòsí pọ̀ ju ti àná lọ. Purotéènì gígùn kan tó ń jẹ́ títíìnì, tó so okùn nípọn mọ́ ògiri ẹyọ náà bíi sípírìngì, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ń gbé ìròyìn nínà yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn ọwọ́ yẹn. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe ń ṣe é gan-an, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Ibi kejì tí rọ́bà ti ṣìnà ló wá le jù. Níbo ni ìtàn "ó nà kọjá ààlà, ó dẹ̀" ti wá? Ní ọdún 1966, Gordon, Huxley àti Julian tẹ̀wé ìwádìí kan tó gbajúmọ̀ gan-an lórí fọ́nrán ẹran ọ̀pọ̀lọ́, irú ẹran tó ń gbé egungun kiri. Wọ́n nà án títí tí àwọn okùn inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ara wọn, agbára rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ títí tó fi parí pátápátá. Ìwádìí náà dára, àwòrán rẹ̀ sì wà nínú ìwé gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹran tó ń gbé egungun kì í ṣe ẹran ọkàn. Ẹran ọkàn máa ń le gan-an bó bá ti nà dé ìwọ̀n kan, torí títíìnì tirẹ̀ kúrú, tí àwọn fọ́nrán alágbára mìíràn sì tún yí i ká. Kò fẹ́ nà mọ́. Nínú ara alààyè, ó ṣòro kí àwọn okùn inú rẹ̀ tó jáde nínú ara wọn. Starling náà rí i pé tí òun bá kún ọkàn ní àkúnjù, ohun tó ń tú jáde á lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn àárín àwọn yàrá kì í pa dé dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa sá padà sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ló ń jò. A kò lè torí ìyẹn sọ pé fọ́nrán ti dẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún aláìsàn pé "ọkàn yín ti nà jù." Wọ́n rí i nínú fọ́tò pé ọkàn ti tóbi, wọ́n sì rò pé nínà ló nà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkàn tó ti ń ru ẹrù tó pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ọdún ń kọ́ ara rẹ̀ tuntun. Ó ń fi ẹyọ sákómíà mìíràn kún èyí tó wà nílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìdúró tẹ̀ lé ara. Ẹ ronú nípa agbádá: téèlọ̀ lè sọ agbádá kékeré di ńlá nípa pé kó rán aṣọ mọ́ ọn, kò sí ẹni tó máa sọ pé aṣọ náà nà. Bí ọkàn ṣe ń fẹ̀ nìyẹn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè wà ní gígùn tó yẹ kó wà, kí yàrá ọkàn sì ti fẹ̀ tó ìlọ́po méjì.

Kí ló wá bàjẹ́? Èrè ló bàjẹ́. Nínú ọkàn tó lera, tí ẹ bá fi ẹ̀jẹ̀ kún un, ẹ máa rí èrè gidi: púpọ̀ wọlé, púpọ̀ jáde. Nínú ọkàn tó ti rẹ̀, ẹ lè fi kún un títí, èyí tó ń jáde kò ní í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Tí ẹ bá yà á sórí ìwé, ti ọkàn tó lera jẹ́ òkè tó ga, ti ọkàn tó ti rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo rí ìdí mẹ́ta fún un.

Èkíní ni pé ọkàn tó ti rẹ̀ ti na ara rẹ̀ dé ibi tó lè nà dé kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kún un. Owó ìpamọ́ tí a ń ná nígbà ìṣòro ni nínà jẹ́, ó sì ti ná an tán lórí ìnáwó ojoojúmọ́. Èkejì ni kálísíọ́ọ̀mù. Ẹ rántí pé ohun tí nínà ń ṣe ni pé kí ẹran ọkàn gbọ́ agogo dáadáa. Nínú ọkàn tó ti rẹ̀, agogo fúnra rẹ̀ kò dún tó mọ́, torí ẹ̀rọ kéékèèké tó ń kó kálísíọ́ọ̀mù padà sí àká láàárín ìlù kan àti èkejì ti ń fà nílẹ̀. Àká kì í kún, nítorí náà èyí tó ń jáde nínú ìlù tó ń bọ̀ kì í pọ̀. Etí tó gbọ́ràn dáadáa kò ní àǹfààní tí agogo kò bá dún.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán, òun ni mo sì rò pé wọ́n ń gbójú fò jù. Bí yàrá kan bá ṣe fẹ̀ tó ni ògiri rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe wàhálà tó láti mú irú ìfúnpá kan náà jáde. Ká sọ pé yàrá ọkàn fẹ̀ láti 120 mílílítà sí 240. Ìwọ̀n láti àárín rẹ̀ dé ògiri kò ní í di ìlọ́po méjì, á kàn fi bíi ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Tí ògiri náà kò bá nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní láti fi ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ìfúnpá tó lè dúró síbi tó wà. Fọ́nrán tó ti rẹ̀ la tún di ẹrù kún ẹrù rẹ̀.

Àríyànjiyàn kan wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí tí mo gbọ́dọ̀ fi tó yín létí. Ní ọdún 1994, Schwinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gba ẹran ọkàn lára àwọn aláìsàn tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ọkàn wọn, wọ́n nà án, wọ́n sì ròyìn pé ọkàn tó ti rẹ̀ kò lè lo òfin Frank àti Starling mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Holubarsch àti àwọn tirẹ̀, Jámánì náà ni, ṣe ìdánwò tó jọ ọ́, wọ́n ní ó ṣì wà níbẹ̀. Èwo ni ká gbà? Èrò tèmi ni pé kò pọn dandan kí a lé ọ̀kan nínú wọn jáde. Ẹ̀já ẹran tí a na sí ilé ìwádìí lè ṣì dáhùn tí a bá nà án láti ibi tó kúrú. Ìbéèrè tó kan aláìsàn ni bóyá odidi ọkàn, ní ìwọ̀n tó ti fẹ̀ dé yẹn, ṣì ní àyè láti nà sí i, àti bóyá ìwọ̀nba agbára tó bá rí níbẹ̀ á tó láti borí wàhálà ògiri rẹ̀. Òfin lè ṣì wà kó má mú èrè wá mọ́. Àwa ọmọ Nàìjíríà sáà mọ òfin tó wà nínú ìwé tí kì í ṣiṣẹ́ lójú títì.

Ẹ jẹ́ ká mú èèyàn kan báyìí. Àpẹẹrẹ ni o, mi ò sọ̀rọ̀ ẹnì kan pàtó. Ìyá oníṣòwò kan, ẹni ọdún 58, tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún mẹ́tàlá, tó ń lo oògùn lónìí tó ń fi sílẹ̀ lọ́la. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń fa àárẹ̀ ọkàn ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń ṣe ní tiwa kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Yàrá òsì ọkàn ìyá yìí ń kún tó 225 mílílítà, ṣùgbọ́n 45 péré ló ń tú jáde, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 95 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: 45 lọ́nà 95 jẹ́ 4,275 mílílítà, lítà mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ti ẹni tó lera jẹ́ 70 lọ́nà 70, 4,900. Ẹ rí i pé tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, ìyàtọ̀ náà kò tóbi. Ohun tó fi rà á ló tóbi. Ìfúnpá inú yàrá ọkàn rẹ̀ kó tó súnkì ti dé 20, lórí ìwọ̀n kan náà tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, nígbà tó yẹ kó wà nítòsí 8. Ìfúnpá yìí kì í dúró sínú ọkàn, ó ń padà sẹ́yìn sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìrọ̀rí mẹ́ta ló fi ń sùn.

Ẹni tó ń fi kún ìṣòro rẹ̀ jù lọ ni kíndìnrín rẹ̀. Kíndìnrín kò mọ ọkàn rí. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ òun ti dín kù, èrò tó sì wá sí i lọ́kàn, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ni pé ẹni yìí ń dà ẹ̀jẹ̀ níbì kan tàbí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó wá ń di iyọ̀ mú, ó ń di omi mú. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni ẹni náà fara gbọgbẹ́, ọgbọ́n tó ń gba ẹ̀mí là nìyẹn: omi á pọ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ọkàn á nà, á tú púpọ̀ jáde. Òfin Starling ni kíndìnrín gbẹ́kẹ̀ lé. Lára ìyá yìí, òfin náà kò pa èrè wọlé mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún kíndìnrín. Á máa di omi mú lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ á máa wú, ẹ̀mí á máa kúrú, ọkàn kò ní í tú ju 45 rẹ̀ lọ.

Báyìí ni ó wá lọ sí kẹ́mísì pé ó ti rẹ òun. Wọ́n wò ó, wọ́n ní omi ló kù díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n gbé omi oníyọ̀ lítà kan kọ́ fún un. Lítà kan yẹn ní gíráàmù iyọ̀ mẹ́sàn-án nínú. Tó bá jẹ́ ọkàn tó lera ni, ó lè gbéra láti 70 sí bíi 78, kí ìfúnpá sì kúrò ní 8 lọ sí 10, kí kíndìnrín sì máa tọ èyí tó ṣẹ́kù dànù díẹ̀díẹ̀. Lára ìyá yìí, ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó pé 45 di 46, ṣùgbọ́n 20 di 26. Ibi 25 níbí yìí ló lágbára. Àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ló ń fa omi mọ́ra kó má baà jò jáde nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, agbára tí wọ́n fi ń fà á sì wà nítòsí 25. Tí ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró bá ti ju ìyẹn lọ, omi á borí, á máa jò sínú àwọn àpò tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà. Ẹni tó ti pẹ́ nínú àìsàn náà lè fara dà á díẹ̀ sí i, torí ara rẹ̀ ti kọ́ bí ó ṣe ń fa omi náà kúrò. Síbẹ̀, ìyẹn ni mílílítà kan tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: apá ọ̀tún ń tì wá, apá òsì kò lè gbé e mọ́. Láàárín òru, ìyá á jókòó dìde, á máa gbá ẹ̀mí, á máa wúkọ́ ìtọ́ tó ń hó. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á fún un ní oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, Lásíìsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà méjì ti jáde. Ìfúnpá 20 lọ sílẹ̀ sí 14. Kí ni 45 rẹ̀ wá dà? Bóyá 44. Bóyá ó tilẹ̀ gòkè díẹ̀, torí ọkàn tó kéré sí i, ilẹ̀kùn rẹ̀ á pa dé dáadáa. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló wà. Bí ẹ bá rìn sẹ́yìn díẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ kò ní sọ̀ kalẹ̀. Oògùn náà kò fún ọkàn ní agbára rárá, ó kàn yọ omi tí ọkàn kò rí èrè kankan nínú rẹ̀. Ìtàn rọ́bà kò lè ṣàlàyé èyí. Tó bá jẹ́ pé ọkàn dà bíi rọ́bà tó nà kọjá ààlà, tí a bá dín nínà rẹ̀ kù, ó yẹ kó padà máa ta dáadáa bíi tuntun. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń dín ẹrù ọkàn kù, irú èyí tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ rọ̀, ló lè gbé e kúrò lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn díẹ̀, ìyẹn sì ń gba oṣù.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé ṣé mo ń sọ pé dírípù burú ni. Rárá o. Ẹni tí onígbáméjì tàbí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ tán, ibi tí òkè ti dá jù ló wà, omi díẹ̀ á gbé ọkàn rẹ̀ sókè kíákíá, dírípù ló máa gbà á là. Kódà ẹni tó ní àárẹ̀ ọkàn lè ya ìgbẹ́ gbuuru kó sì nílò omi. Àwọn dókítà ní ọgbọ́n kan fún irú rẹ̀ tó wù mí gan-an torí pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ aláìsàn sókè, bíi 300 mílílítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ á ṣàn wá sí ọkàn, wọ́n á sì wo bóyá ohun tí ọkàn ń tú jáde gòkè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá gòkè, ó ṣì wà lórí òkè, ẹ fún un lómi. Tí kò bá gòkè, wọ́n á sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á padà síbi tó ti wá, a kò ṣe é ní jàǹbá. Dírípù kò ṣeé sọ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka mìíràn tún wà tí n kò fẹ́ fò. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí ògiri ọkàn nípọn kó sì le dípò kí yàrá rẹ̀ fẹ̀. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ń súnkì dáadáa, ohun tí kò lè ṣe ni kó nà. Á kún dé bíi 90 péré, ìfúnpá á sì ti fò dé 20. Ẹni náà á ní ìmí kúkúrú bíi ti ìyá wa yẹn, bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò tóbi nínú fọ́tò. Níbí, àpèjúwe rọ́bà tún já kulẹ̀ pátápátá, torí pé rọ́bà tó le ni ìṣòro, kì í ṣe èyí tó dẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin oníkẹ́mísì, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ pé "kí wọ́n gbé omi kọ́ fún màámi," kò pọ̀. Kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ẹ bi wọ́n pé ìrọ̀rí mélòó ni wọ́n fi ń sùn, àti pé ṣé wọ́n máa ń jí lóru láti wá afẹ́fẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ iwájú egungun ojúgun wọn fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ wo bóyá ojú rẹ̀ jìn sínú. Ẹ wo ọrùn wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ yọ gbọọrọ. Tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá wà, ẹ má gbé nǹkan kan kọ́. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ya àwòrán ọkàn wọn ni kí ẹ gbé wọn lọ. Ẹni tí wọ́n bá sì ti sọ fún pé ó ní àárẹ̀ ọkàn, kó ra ìwọ̀n kan sílé, kó máa gùn ún láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá tọ̀ tán, kó tó jẹun. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Tó bá fi kílò méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rá kì í tètè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, omi ni, kó pe dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an kí ìmí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú.